Èwo Nínú Ìpolówó Wa Ni Ó Ta Aṣọ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ wa, tí Olóòtú sì ní kí a tẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ ìlú tí wọn kò lè wá sílé.

 

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí Ẹgbẹ́ ń ná láti polówó aṣọ òfì àwọn ahunṣọ wa. Ẹ óò rántí pé díẹ̀ ni ó kù kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní ìpàdé tí ó kọjá. Apá kan ní fídíò ni kí a máa lò, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára ohun tí ń mira. Apá kejì ní fọ́tò ni, nítorí pé ẹni tí yóò ra aṣọ fẹ́ wo aṣọ náà dáadáa. Àwọn àgbà kan sì ní ọ̀rọ̀ tí a bá kọ dáradára tó, nítorí pé láti ayébáyé ẹnu ni a fi ń polówó ọjà. Olúkúlùkù sọ tirẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Èmi náà sọ tèmi. Lẹ́yìn tí mo ti jókòó ti àwọn ìwé ìṣirò wa, mo rí i pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó lè fi àròjinlẹ̀ nìkan mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníbàárà ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan sì wà tí a lè gbà bi wọ́n, tí wọn yóò fi owó wọn dá wa lóhùn. A ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n a ṣe é lódì.

OHUN TÍ A ṢE NÍ ÌJẸTA

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, a gbé fídíò kan jáde lórí Fesibúùkù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fídíò náà fi ahunṣọ hàn lórí òfì rẹ̀, bí ó ti ń ju ọ̀kọ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì, a sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá ra odindi aṣọ yóò gba gèlè kan ní ènì. Ní àárín oṣù Kìíní ọdún 2024, a gbé fọ́tò kan jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú iye owó kan náà. Obìnrin kan ni ó wọ àlàárì nínú fọ́tò yẹn. A kò sọ̀rọ̀ ènì rárá, nítorí pé gèlè tí a ní lọ́wọ́ ti tán.

Nígbà tí a ka iye ẹni tí ó ra aṣọ, fídíò mú 18 wá, fọ́tò mú 12 wá. Inú àwọn onífídíò dùn. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a fi gbogbo owó tí ó kù sí orí fídíò. Àwọn ahunṣọ gbọ́, wọ́n sì gba òwú láwìn, nítorí pé a ti sọ fún wọn pé a ti rí àṣírí ọjà. Ẹ mọ bí ó ti parí. Fídíò kan náà kò mú tó ìdajì ohun tí ó mú ní oṣù Kejìlá wá, aṣọ sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí di ìgbà òjò. Àwọn kan nínú wọn kò tíì san gbèsè òwú náà tán. Nítorí gbèsè yẹn ni mo ṣe gbà láti sọ̀rọ̀ lónìí.

Ibo ni a ti ṣìṣe? A rò pé fídíò àti fọ́tò ni a fi wé ara wọn. Ní tòótọ́, oṣù Kejìlá ni a fi wé oṣù Kìíní, ìgbà ìgbéyàwó àti ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ wálé ni a fi wé ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti náwó tán tí owó ilé ìwé sì dé. A tún fi ọjà tí ó ní ènì wé ọjà tí kò ní ènì. Ohun mẹ́ta ni ó yàtọ̀ láàárín ìpolówó méjèèjì, àwa sì gbé gbogbo ìyìn fún ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

ÌPÈ, ÀDÉHÙN ÀTI Ẹ̀YÀ

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí ń kiri ọjà. Ohùn tí ó kọ́kọ́ gbé sókè láti dá wa dúró ni mo pè ní ìpè. Iye tí ó dá lé ọjà, àti ènì tí ó fẹ́ fi sí i, ni àdéhùn. Bí ó ti gbé ọjà náà kalẹ̀ fún wa láti wò ni ẹ̀yà: ó lè ṣí igbá sílẹ̀, ó lè dé e, ó lè bu díẹ̀ fún wa tọ́ wò. Nínú ìpolówó ti òde òní, ìpè ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tàbí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí fídíò fi bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn kò yí padà. Ẹ̀yà ni fọ́tò, fídíò, tàbí ọ̀rọ̀ lásán.

Bí obìnrin náà bá pààrọ̀ ìpè rẹ̀, tí ó dín owó kù, tí ó sì ṣí igbá rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, tí ọjà sì tà, kò lè mọ èyí tí ó tà á. Òfin kìíní nìyí: ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ yí ohun kan ṣoṣo padà nígbà kan, kí ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bákan náà. Bí ẹ̀yà ni a fẹ́ mọ̀, ìpè kan náà, àdéhùn kan náà, àwọ̀ aṣọ kan náà, ọjọ́ kan náà, owó kan náà.

BÍ ÀWỌN ARÁ AMẸ́RÍKÀ ṢE ṢE É

Ẹ jẹ́ kí n sọ àpẹẹrẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ti ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, nígbà tí Bàráàkì Òbámà ń du ipò Ààrẹ, ojú ewé kan wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tí gbogbo ẹni tí ó bá wá wò ó yóò kọ́kọ́ rí. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni pé kí àlejò fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dáànì Sírókà, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gúúgù, ni ó darí ìdánwò náà. Fọ́tò mẹ́ta àti fídíò mẹ́ta ni wọ́n ní, bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: `SIGN UP`, `SIGN UP NOW`, `JOIN US NOW` àti `LEARN MORE`. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 24. Gbogbo àkópọ̀ 24 náà ni wọ́n gbé jáde ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ sì ń fi kèké pín àwọn àlejò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, fídíò kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ Òbámà fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí ènìyàn 310,382 ti kọjá, gbogbo fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà lẹ́yìn gbogbo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ó borí ni fọ́tò Òbámà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti bọ́tìnnì `LEARN MORE`, tí ó ní kí àlejò wá mọ̀ sí i, tí kò ní kí ó wá forúkọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú ewé ti àtijọ́ ń mú nǹkan bí 83 nínú 1,000 àlejò. Èyí tuntun mú 116 nínú 1,000. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ohun tí wọ́n fẹ́ràn, wọn ì bá ti pàdánù láìmọ̀ pé àwọn pàdánù ohunkóhun.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní ni pé wọ́n pààrọ̀ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn àwòrán àti ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n rú òfin tí mo sọ. Wọn kò rú u. Olúkúlùkù ọ̀rọ̀ bá olúkúlùkù àwòrán pàdé, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí a fi àwòrán tí ó dára jù ṣe ojúsàájú fún. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ènìyàn 13,000 ni ó bọ́ sí apá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan ṣoṣo mọ.

Èkejì ni pé ìdánwò yẹn kò sọ pé fọ́tò dára ju fídíò lọ ní gbogbo ayé. Ó sọ pé ní ojú ewé yẹn, ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, àwọn fọ́tò yẹn borí àwọn fídíò yẹn. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ aṣọ òfì rí, tí ó kàn ń yí fóònù rẹ̀ kọjá, lè nílò ohun tí ń mira kí ó tó dúró. Ọmọ ìlú wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó mọ òfì láti kékeré, lè má nílò rẹ̀. Nítorí náà ìdáhùn àwọn ẹlòmíràn kò tó fún wa. A ó ṣe tiwa.

KÍ NI A Ó KÀ?

Kí a tó gbé ìpolówó jáde rárá, a gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a ó kà sílẹ̀. Fesibúùkù yóò fún wa ní oríṣiríṣi iye, èyí tí ó sì pọ̀ jù ni ó máa ń dùn mọ́ ènìyàn nínú jù. Ó máa ń ka ẹni tí ó wo fídíò fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 mọ́ àwọn tí ó wò ó. Iye yẹn wúlò fún ohun kan: bí ọ̀pọ̀ bá rí fídíò tí díẹ̀ sì dé ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìpè wa ni kò lágbára. Ṣùgbọ́n ìwòran kì í san gbèsè òwú. Iye ẹni tí ó ra aṣọ ni kí a kà.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìpolówó tí oníbàárà ti wá? Àwọn olùpolówó ìgbà àtijọ́ ní ọgbọ́n kan. Kíláúdì Họ́pìkìnsì, ará Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ìpolówó jáde ní ọdún 1923, fẹ́ràn kúpọ́ọ̀nù tí a ń gé láti inú ìwé ìròyìn. Bí àmì orí kúpọ́ọ̀nù bá yàtọ̀ láti ìpolówó kan sí èkejì, ẹni tí ó gbà á yóò mọ èyí tí ó mú oníbàárà wá. Àwa náà lè ṣe é lórí Wásáàpù. Òpin àdírẹ́sì tí oníbàárà yóò tẹ̀ nínú fọ́tò yóò jẹ́ èyí:

```
?text=OFI-1
```

Ti fídíò yóò jẹ́ `?text=OFI-2`. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, Wásáàpù yóò ṣí, àmì náà yóò sì ti wà nínú ìwé tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa. Akọ̀wé yóò kọ àmì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò sì tẹ̀ lé e títí yóò fi sanwó tàbí títí yóò fi dákẹ́. Ní ìjẹta a kò ní àmì kankan. A kàn bi àwọn kan léèrè ibi tí wọ́n ti rí wa, àwọn mìíràn a sì fojú bu ìdáhùn wọn.

IYE TÍ Ó TÓ LÁTI GBÀGBỌ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 18 àti 12. Ká ní a kò ṣe àṣìṣe kankan nípa oṣù àti ènì, ṣé 18 ju 12 lọ ní tòótọ́? Ẹ mú owó ẹyọ kan, kí ẹ sọ ọ́ sókè ní ìgbà 30. Kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu bí orí bá jáde ní 18 tí ẹ̀yìn sì jáde ní 12. Bí a bá ń tún eré náà ṣe, ó lé ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta tí ìyàtọ̀ yóò tó bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹyọ náà kò fẹ́ràn apá kan ju èkejì. Ohun tí a pè ní àṣírí ọjà lè jẹ́ kèké lásán.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe. Nígbà tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ènìyàn kan náà ni ó rí ìpolówó méjèèjì, ẹ ro iye tí méjèèjì mú wá pọ̀. Ẹ wá nọ́mbà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò fún wa ní àròpọ̀ yẹn. Ẹ sọ nọ́mbà náà di ìlọ́po méjì. Bí ìyàtọ̀ àárín ìpolówó méjèèjì kò bá jù ú lọ, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ní tiwa, 18 àti 12 jẹ́ 30. Nọ́mbà tí a ń wá wà ní àárín 5 àti 6, ká pè é ní 5 àbọ̀. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 11. Ìyàtọ̀ tiwa jẹ́ 6 péré. Ká ní ó jẹ́ 70 àti 40 ni: àròpọ̀ jẹ́ 110, nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 10 àbọ̀, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 21, ìyàtọ̀ sì jẹ́ 30. Èyí ni a lè fi ọkàn tán dé ìwọ̀n.

Bí ẹni tí ó ra aṣọ kò bá lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a lè ka ẹni tí ó kọ̀wé béèrè iye owó, nítorí pé àwọn yẹn máa ń pọ̀ ju olùrà lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Gèlè ọ̀fẹ́ lè mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè, kí wọ́n sì yí padà nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye aṣọ. Nítorí náà a ó ka méjèèjì, a ó sì yọ owó gèlè kúrò nínú èrè kí a tó sọ pé ènì borí.

ÀWỌN Ọ̀FÌN TÍ Ó WÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀fìn kìíní ni ìkánjú. Bí a bá ń ṣí ìwé wò lójoojúmọ́, tí a sì dáwọ́ ìdánwò dúró ní ọjọ́ tí ẹni tí a fẹ́ràn bá ń borí, a dà bí ọ̀tayò tí ń dìde nídìí ọpọ́n ní kété tí ọmọ ayò bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a dá ọjọ́ ìparí ṣáájú, kí a sì dúró dè é. Kí ó má dín ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé bí ènìyàn ti ń rajà ní ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀fìn kejì fara pamọ́. Bí a bá kàn gbé ìpolówó méjì kalẹ̀ nínú àpò owó kan lórí Fesibúùkù, ẹ̀rọ yóò tètè dá owó púpọ̀ lé èyí tí òun rò pé ó dára, ẹnì kan náà sì lè rí méjèèjì. Ohun tí a ó lò ni èyí tí wọ́n pè ní `A/B test`, tí ń pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì kí ẹnikẹ́ni má baà rí ju ọ̀kan lọ. Síbẹ̀, nínú apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ṣì ń yan ẹni tí yóò fi ìpolówó hàn. Ó lè fi fídíò han àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Èkó, kí ó sì fi fọ́tò han àwọn ìyá ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí fọ́tò bá borí, ta ni ó borí: fọ́tò ni, tàbí àwọn ìyá? Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni pé kí a wo ìwé ìṣirò tí Fesibúùkù ń fúnni, tí ó pín àwọn tí ó rí ìpolówó sí ọjọ́ orí, ọkùnrin àti obìnrin, àti ibi tí wọ́n ń gbé. Bí ìpín méjèèjì bá jọra, a lè gba ìdáhùn náà. Bí wọ́n bá yàtọ̀ gidigidi, kí a sọ pé a kò tíì mọ̀.

OHUN TÍ MO DÁ LÁBÀÁ

Alàgbà Alága, àbá mi kò gùn. Kí a pín owó ọdún yìí sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí a fi ìdá kan dán àdéhùn wò: gèlè ní ènì ní apá kan, owó ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù ní apá kejì, pẹ̀lú fọ́tò kan náà àti ọ̀rọ̀ kan náà. Mo fi àdéhùn ṣáájú nítorí pé ìpè dídùn kì í ta ọjà tí àdéhùn rẹ̀ kò bá oníbàárà lára mu. Kí a fi ìdá kejì dán ìpè wò, lórí àdéhùn tí ó bá borí. Kí a fi ìdá kẹta dán ẹ̀yà wò: fọ́tò àti fídíò. Àwọn àgbà tí ó ní ọ̀rọ̀ lásán tó, a ó gbọ́ tiwọn ní ọdún tí ń bọ̀, nítorí pé owó wa kò tó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kẹrin ni kí a fi polówó ní tòótọ́ pẹ̀lú ohun tí a ti kọ́, kí ó sì bọ́ sí oṣù Kejìlá.

Bí ìdánwò kan bá parí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó, kí Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé kò tó, kí a má ṣe fi ìbò dá a. Ní pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ahunṣọ kan pé kí ó lọ gba òwú láwìn nítorí ìdánwò tí a kò tíì parí. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọdún 2024 wà níwájú yín. Èmi ni Ìgbìmọ̀ rán, èmi ni mo sì sọ ọ́, pẹ̀lú 18 àti 12 lọ́wọ́ mi.